Àtẹ aláwọ̀ nínú ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ ní dúdú àti funfun

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ọ̀pá pupa àti ọ̀pá àwọ̀ ewé inú àtẹ mi fi di ọ̀kan náà nígbà tí mo tẹ ìwé náà ní dúdú àti funfun?”

Bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó nìkan ni ó kù nígbà tí ó bá di àwọ̀ eérú, ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà sì ń lò fún un nìyí, níbi tí R ti jẹ́ iye pupa, G iye àwọ̀ ewé, B iye búlúù inú àwọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255:

```
0.299R + 0.587G + 0.114B
```

Pupa `255,0,0` yóò di 76, àwọ̀ ewé `0,128,0` yóò sì di 75, lórí òṣùwọ̀n tí 0 ti jẹ́ dúdú tí 255 sì jẹ́ funfun, nítorí náà kò sí ojú tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ padà sínú fáìlì tí ẹ ti ya àtẹ náà, kí ẹ fi pupa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ àwọ̀ ewé di `144,238,144`, èyí tí yóò di 199.

Ní ti ìlà tín-ín-rín, èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé eérú rárá, nítorí àwọn àmì tó-tò-tó dúdú ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe é, ìlà náà a sì máa já. Ó sàn kí gbogbo ìlà jẹ́ dúdú, kí ọ̀kan gùn tààrà láìjá, kí èkejì jẹ́ èyí tí a gé ní àlàfo-àlàfo, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀.