Odù ẹlòmíràn kì í ṣe tìẹ láti kọ

"Ẹ̀yin àgbà, ìtẹ̀fá ni mo ń ṣèwádìí rẹ̀ ní yunifásítì. Baba tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní àwọn á tẹ̀ mí nífá kí n lè wọ igbódù. Ṣé mo lè kọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀?"

Àbúrò mi, kí wọ́n tó tẹ̀ ọ́ ni kí o ti bá wọn sọ ọ́. Ẹni tó bá ti mulẹ̀ tán kò lẹ́nu ìdúnàádúrà mọ́. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣe irú ìwádìí yìí. Baba tí èmi bá ṣiṣẹ́ ti tọwọ́ bọ ìwé ìyọ̀ǹda tí yunifásítì fún mi, mo sì rò pé ó tán. Bẹ́ẹ̀, Baba nìkan kọ́ ló wà nínú igbódù: Olúwo wà níbẹ̀, Ojùgbọ̀nà wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú mi náà wà níbẹ̀.

Elépo ni ẹni yẹn. Etí mi ni wọ́n ṣe ka Odù rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ tí a jáde, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà o, àmọ́ mi ò yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, elépo mélòó ló sì tẹfá nílùú yẹn lọ́dún náà?

Kí n tó fi iṣẹ́ ìwádìí náà ránṣẹ́ sí yunifásítì, mo lọ kà á fún Baba ní Yorùbá. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí mo fi kan èèwọ̀ elépo yìí. Wọ́n gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló máa ń se ọbẹ̀ fún un?"

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yé mi: èèwọ̀ èèyàn ni ọ̀tá rẹ̀ ń wá, kó lè bù ú sínú oúnjẹ rẹ̀.

Ojú ewé mọ́kànlá ni mo yọ kúrò. Olùkọ́ mi fajú ro, ó ní orí kẹrin ti gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́. Mo fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta dí i: owó tí ẹbí ń dá, iṣẹ́ àwọn apẹ̀tẹ̀bí, ẹsẹ Ifá tí wọ́n ń kì létí ogbèrì.

Wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí Yutúùbù. Pé ẹnì kan gbà kí ó jáde kò ní kí gbogbo wọn gbà. Ní 1951, ìwé ìròyìn O Cruzeiro ní Bràsíìlì gbé àwòrán ìdóṣù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn wọ ẹgbẹ́ òrìṣà, jáde, èyí tí José Medeiros yà ní Salvador. Ìyálórìṣà ilé náà ló gbà á láyè. Àwọn ilé òrìṣà yòókù ò gbà, inú sì bí wọn gan-an.

Fóònù rẹ, fi sílé. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní bá wọn bò ni kí wọ́n máa ṣe èèyàn léṣe, pàápàá ọmọdé. Sọ ìyẹn náà fún Baba tó fẹ́ tẹ̀ ọ́ ṣáájú. Bí ojú wọn bá yí padà, má wọlé.

Ìwé tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó o fún Baba tèmi. Mi ò bèèrè ohun tí wọ́n fi í ṣe.