Yàrá tó ṣófo: owó orí àpò àgbàdo

"Ẹ jọ̀wọ́, yàrá kan ṣófo nínú ilé wa ní Ìkéré. Àwọn tó ń ra àgbàdo fẹ́ máa kó ẹrù síbẹ̀. Èló ni ká gbà, kí la sì gbọ́dọ̀ ṣọ́?"

Ẹ má gbà á bí owó yàrá, orí àpò ni kí ẹ ti máa gbà á lóṣooṣù. Ká ní yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sílẹ̀ yíká lára ògiri, torí ògiri máa ń fa omi lásìkò òjò, àpò tó bá kàn án á bu. Àlàfo yẹn náà lẹ ó fi rí ibi tí eku ń gbà. Pákó ni kí ẹ tò sábẹ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì lásán. Tí ẹ bá yọ ọ̀nà alábàárù kúrò, nǹkan bí àpò 8 oníkílò 100 ni yóò dùbúlẹ̀ ní ìpele kan. Ìpele 6 jẹ́ àpò 48, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 5, nítorí náà ẹ má gbé e sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o.

Ká fi ₦300 ṣírò rẹ̀ (kì í ṣe iye ọjà o): ₦14,400 lóṣù tó bá kún. Kì í sábà kún, torí náà ẹ ṣàdéhùn pé wọn á san owó àpò 20 ó kéré tán, bí ẹrù wọn ò bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àgbàdo tí kò gbẹ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ká nínú òjò oṣù keje àti ìkẹjọ. Kí àpò tó wọlé, ẹ bu àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ kan, kó dé ìdámẹ́ta rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ 2 tàbí 3 sí i, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n kó o padà lọ sá. Èyí tó ti wọlé, ẹ máa ki ọwọ́ bọ àárín àpò kan sí èkejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá gbóná, ó ti ń bu nìyẹn, ọjọ́ náà ni kí wọ́n tú u síta.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ju oògùn oníhóró, fọsitọ́síìnì, sínú àpò nítorí kòkòrò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di gáàsì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, orí ògiri kì í kan òrùlé, abẹ́ sílíìnì kan náà ni gbogbo yàrá wà. Gáàsì náà á gba òkè kọjá sórí ẹni tó sùn ní yàrá kejì, ó sì ń pa èèyàn. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀, fèrèsé tí ẹ ṣí kò sì tó. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá.

Kí wọ́n lo àpò onípele mẹ́ta dípò rẹ̀: ọ̀rá méjì nínú, àpò ẹrù lóde, kí wọ́n sì di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó le dáadáa. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán. Bí eku bá ti lu ọ̀rá náà pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ á padà wọlé, kòkòrò á sì tún máa jẹ ẹ́ lọ.