Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: òwe ìwọ̀n ni, kì í ṣe òwe àforíjì

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Níbi ìpàdé àdúgbò wa ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan dé ilẹ̀, tó kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé alága kó owó tiransifọ́mà jẹ. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá wá gbé e. Bàbá kan ní 'orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́', pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká dárí jì í. Lọ́yà tó wà níbẹ̀ ní òwe yẹn gan-an ni kóòtù ń lò lórí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ta ló tọ̀nà?"

Lọ́yà ló tọ̀nà, kí bàbá má bínú. Ó ti sú mi bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ gbogbo òwe Yorùbá di "ẹ ṣe sùúrù". Ẹ tún òwe náà gbọ́. Kò sọ pé orí ò fọ́. Kò ní kí ẹni tí orí ń fọ́ má lo oògùn. Ẹni tó fẹ́ dárí jini kì í wá oògùn kiri, òwe yìí sì dárúkọ oògùn.

Ohun tí wọn kì í rí nínú rẹ̀ ni pé bíbẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ́ orí, kò ní fọ́ mọ́ láéláé. Kí ló wá burú níbẹ̀? Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́, àgbo wà nílẹ̀ tó lè dá ìrora náà dúró láì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, orí tí à ń tìtorí rẹ̀ wá oògùn ti lọ. Àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ní ju èyí lọ lọ́wọ́, àfi pé wọ́n fi ìbéèrè méjì ṣáájú rẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 39, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Abala 45 wá gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú, ìlera, ìwà ọmọlúàbí tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, bí ó bá jẹ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu nínú ìlú tí ará ìlú ń ṣèjọba ara wọn. Inú "bó bá bọ́gbọ́n mu" yẹn ni ìwọ̀n wà. Adájọ́ á kọ́kọ́ bèèrè bóyá òfin kan wà nílẹ̀, tó ṣe kedere tí èèyàn á fi mọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà, ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò tọ́ láti dáàbò bò? Ẹ̀kẹta, ṣé ìyà tí wọ́n mú wá lè dáàbò bò ó lóòótọ́, tí kò sì sí èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà? Ìkẹrin, àdánù tó bá ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́, àti gbogbo ẹni tí ẹ̀rù máa wá bà láti sọ̀rọ̀, ṣé kò ju àǹfààní rẹ̀ lọ? Ẹni tó fẹ́ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ ni ẹrù ẹ̀rí wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa ń fi "ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́" dípò. Òwe dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin nìkan ló bá lọ. Kò bèèrè bóyá àgbo wà nílé.

Ẹ wo ẹjọ́ tó fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ ní Áfíríkà. Ní Bùkínà Fásò, ní oṣù kẹjọ 2012, Lohé Issa Konaté gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́ nínú ìwà ìbàjẹ́ tó jẹ mọ́ ayédèrú owó. Kóòtù ìlú wọn sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù 12, ó bu owó ìtanràn 1,500,000 sẹ́fà lé e, ó ní kí ó san 4,500,000 fún ẹni tó pe ẹjọ́, ó sì ti ìwé ìròyìn náà pa fún oṣù 6. Konaté gbé e lọ sí Kóòtù Áfíríkà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní Àrúṣà ní Tànsáníà, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2014.

Àwọn adájọ́ ò sọ pé orí agbẹjọ́rò ìjọba ò fọ́. Wọ́n gbà pé òfin wà, wọ́n gbà pé orúkọ rere tọ́ láti dáàbò bò. Ibi ìwọ̀n ni Bùkínà Fásò ti ṣubú. Ẹni tó wà nípò ìjọba gbọ́dọ̀ lè fara da ọ̀rọ̀ ju ará ìlú lásán lọ. Ẹ̀wọ̀n fún ìbanilórúkọjẹ́ ti pọ̀ jù, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá le gan-an, irú bíi kí èèyàn máa ru ìlú sókè láti kórìíra àwọn kan tàbí láti ṣe wọ́n léṣe. Ibi tí àwọn èèyàn kì í kà dé nìyí: kì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan ni wọ́n dá lẹ́bi. Owó náà pọ̀ ju ohun tó ń wọlé fún un lọ, ìjọba ò sì lè sọ ìdí tí wọ́n fi ti ìwé ìròyìn pa. Ìtanràn náà lè bẹ́ orí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkòròdú. Owó àdúgbò ni owó tiransifọ́mà, alága ló sì wà nídìí rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ gbogbo ará àdúgbò ni. Orúkọ rẹ̀ tọ́ láti dáàbò bò, kò sí ìjà níbẹ̀. Kí ló lè wo orúkọ yẹn sàn? Kí ó kó ìwé ìnáwó jáde ní ìpàdé. Kí ó ní kí ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì lórí Wasáàpù kan náà tó ti sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbà, kí ó pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, níbi tí ọmọbìnrin náà á ti láǹfààní láti fi hàn pé òótọ́ lòun sọ. Nígbà tí àgbo mẹ́ta wà nílé, tí ẹ sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè kẹta ti gbé yín lulẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba èèyàn tẹ́lẹ̀ ni òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti 2015, abala 24, tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà fún irọ́ tó bí ẹlòmíràn nínú tàbí tó kó ìnira bá a. Èyí kò tilẹ̀ yege ìbéèrè kìíní, nítorí ta ló lè mọ ohun tó máa bí ẹnì kejì nínú? Kóòtù ECOWAS dá abala yẹn lẹ́bi ní oṣù kẹta 2022, ilé aṣòfin Nàìjíríà sì dín in kù ní 2024. Ẹ rántí pé ará Ìkòròdú kò lè gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sí Àrúṣà tààrà, nítorí Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí ìyẹn. Kóòtù ECOWAS ní Àbújá ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ọmọ alága ni ọmọbìnrin náà gbé síta ńkọ́? Ìwọ̀n yí padà nìyẹn. Abala 37 òfin orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo àṣírí ọmọ yẹn, ọmọ náà kò di ipò kankan mú, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì sọ nǹkankan fún àdúgbò nípa owó wọn. Bí kóòtù bá ní kí ọmọbìnrin náà pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má sì tún gbé e síta mọ́, kò sẹ́ni tí wọ́n bẹ́ lórí. Àgbo nìyẹn.