Máínọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ba ìṣirò lẹ́ńsì yẹn jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìsánlú ni mo wà, Wáẹ́ẹ̀kì ni mò ń múra fún. Tíṣà wa ní tí v, ìyẹn bí àwòrán ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì tó, bá ti ní máínọ́ọ̀sì, àwòrán fáṣúà tí páálí ò lè gbà ni. Fídíò kan tí mo wò lórí fóònù sì ní u, ìyẹn bí nǹkan tá à ń wò ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì tó, gan-an ló máa ń ní máínọ́ọ̀sì. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ńsì tí f rẹ̀, ìyẹn bí fókọ́ọ̀sì ṣe jìnnà sí i tó, jẹ́ 10, u jẹ́ 15, v tí mo rí ni 6, ìwé sì ní 30. Ṣé fọ́múlà inú ìwé wa ti di ògbólógbòó ni?

Ìdáhùn: Okun o, ọmọ mi. Fọ́múlà yín ò gbó rárá, fídíò yẹn náà ò sì parọ́. Ìwọ lo mú fọ́múlà lọ́wọ́ ẹnì kan tó o wá lọ mú àmì lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ ti di mẹ́ta báyìí tẹ́ ẹ béèrè nǹkan yìí lọ́wọ́ mi lóṣù yìí nìkan, ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ fi fọ́tò ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọ léṣìnnì, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà pé "u máa ń jẹ́ máínọ́ọ̀sì nígbà gbogbo", wọn ò wá kọ fọ́múlà tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Inú bí mi gan-an, torí ọmọ tó bá gba ìdajì òfin gbọ́ máa pàdánù máàkì tí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ò ní pàdánù.

Jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní o dúró ní Kàbà, ẹnì kan wá sọ fún ẹ pé ilé òun wà ní kìlómítà márùn-ún síbí. O ò tíì mọ ọ̀nà tó o máa gbà, ṣé ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni àbí ọ̀nà Òmùò? Nọ́ńbà yẹn sọ bó ṣe jìnnà tó, kò sọ ìhà tó wà. Iṣẹ́ tí àmì pọ́lọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì ń ṣe lára u, v àti f nìyẹn, ó ń sọ ìhà fún wa. Àwa èèyàn la sì jọ máa fẹnu kò lórí ìhà tó máa jẹ́ pọ́lọ́ọ̀sì, lẹ́ńsì ò mọ̀ ọ́n. Ìfẹnukò méjì ló wà níta.

Àkọ́kọ́ lèyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ń lò: ohunkóhun tí ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀ lóòótọ́, pọ́lọ́ọ̀sì ni, ibi tó kàn dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ ti wá àmọ́ tí kò débẹ̀ rí, máínọ́ọ̀sì ni. Fọ́múlà rẹ̀ ni:

1/u + 1/v = 1/f

Èkejì wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Íńdíà, torí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fídíò tẹ́ ẹ̀ ń wò ti gbé e wá. Ti èyí, bíi rúlà lo ṣe máa tẹ́ ẹ, àárín lẹ́ńsì ni òdo, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń kọjú sí ni pọ́lọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni máínọ́ọ̀sì. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iwájú lẹ́ńsì la máa ń gbé nǹkan sí kí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá, dandan ni kí u ní máínọ́ọ̀sì. Àmọ́ fọ́múlà tirẹ̀ fún lẹ́ńsì ni:

1/v - 1/u = 1/f

Wo máínọ́ọ̀sì àárín yẹn dáadáa. Òun ló ń dúró de máínọ́ọ̀sì tó wà lára u, táwọn méjèèjì bá pàdé wọ́n á di pọ́lọ́ọ̀sì, ìṣirò á wá padà sí ibi kan náà. Ohun tí fídíò yẹn ṣe nìyẹn, ìwọ ò ṣàkíyèsí fọ́múlà tó kọ sókè.

Fi tìẹ dán an wò. Ti ilé ìwé yín: 1/v = 1/10 - 1/15 = 1/30, v jẹ́ 30. Ti fídíò: u jẹ́ -15, torí náà 1/v = 1/10 + 1/(-15) = 1/30, v jẹ́ 30. Tìẹ wá ńkọ́? O fi -15 sínú fọ́múlà ilé ìwé yín, ó wá di 1/v = 1/10 + 1/15 = 1/6, v di 6. Kò síbi tó o ti ṣìṣirò, ọwọ́ rẹ dára, àmì tó o fi sí i ni ò bá fọ́múlà yẹn tan.

Ó yẹ kí 6 yẹn tiẹ̀ ti ta ẹ́ lólobó. Lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ò lè kó ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀ jọ síbi tó sún mọ́ ọn ju fókọ́ọ̀sì lọ. Ìtànṣán tó ti ọ̀nà jíjìn réré wá, tó ń bọ̀ gbọọrọ, ló máa ń pàdé ní fókọ́ọ̀sì gan-an, èyí tó wá látọ̀dọ̀ nǹkan tó sún mọ́ tòsí ti ń ya ẹsẹ̀ kí ó tó dé, ó máa ní láti rìn kọjá fókọ́ọ̀sì kó tó lè pàdé. Torí náà tí f bá jẹ́ 10 tí àwòrán gidi rẹ wá bọ́ sí 6, nǹkan kan ti bàjẹ́, padà lọ wo àmì rẹ.

Tí o ò bá gbà mí gbọ́, yá lẹ́ńsì lábù tàbí lẹ́ńsì ìwo-ohun-kékeré kan. Kọ́kọ́ wá f rẹ̀: dúró sọ́dọ̀ ògiri tó kọjú sí fèrèsé, gbé lẹ́ńsì síwájú ògiri yẹn, máa sún un síwá sẹ́yìn títí igi tó wà níta á fi yọ kedere lára ògiri, lórí kodò. Ibi tí lẹ́ńsì wà sí ògiri, fi rúlà wọ̀n ọ́n, f nìyẹn. Jọ̀ọ́, igi ni mo wí o, má fi lẹ́ńsì wo oòrùn láéláé, ó lè ba ojú jẹ́, má sì gbàgbé ẹ̀ sínú oòrùn lórí bébà torí ó lè tan iná.

Ká ní ó jẹ́ 10. Ní alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, tan àbẹ́là, gbé e sí 15 sẹ̀ntímítà sí lẹ́ńsì, kí ojú iná rẹ̀ wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú àárín lẹ́ńsì, kó o wá fi páálí funfun sí ìhà kejì. Gbé páálí sí 6, wàá kàn rí ìmọ́lẹ̀ rúbúrúbú kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ní bíi 30 ni ahọ́n iná yẹn á dédé mọ́ kedere, á dojú kọ ilẹ̀, á sì tóbi tó ìlọ́po méjì. Tó bá yọ ní 29 tàbí 31, má dààmú, lẹ́ńsì tínínrín ni fọ́múlà yìí wà fún, tìẹ sì lè nípọn, ìtànṣán tó gba etí lẹ́ńsì kọjá náà kì í pàdé síbi tí èyí tó gba àárín ti pàdé. Àwòrán tó gbà kó o gbé e sórí páálí yìí là ń pè ní ríà.

Dáyágíráàmù ò bèèrè àmì kankan lọ́wọ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn ọmọ yà á kí wọ́n tó ṣírò. Fa ìlà àárín, gbé lẹ́ńsì dúró, jẹ́ kí 1 sẹ̀ntímítà orí ìwé dúró fún 5. Fókọ́ọ̀sì á wà ní 2 ní ìhà méjèèjì, nǹkan rẹ á wà ní 3, ya á ní gíga 2. Láti orí nǹkan yẹn, fa ìtànṣán kan gbọọrọ dé lẹ́ńsì, kó wá tẹ̀ gba fókọ́ọ̀sì ìhà kejì kọjá. Fa èkejì gba àárín lẹ́ńsì gan-an, ìyẹn kì í tẹ̀. Wọ́n á pàdé ní 6, ìyẹn 30 lóòótọ́, ní ìsàlẹ̀ ìlà, gíga 4.

Wá sún nǹkan yẹn wá sí 6 sẹ̀ntímítà lóòótọ́, ìyẹn 1.2 lórí ìwé, inú fókọ́ọ̀sì. Fa àwọn ìtànṣán méjì kan náà. Lẹ́yìn lẹ́ńsì wọ́n ń ya kúrò lára wọn ni, wọn ò ní pàdé láéláé. Fi ìlà oníṣọ́ọ́ṣọ́ọ́ fà wọ́n padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ti máa pàdé, ní 15, ní ìhà tí nǹkan rẹ wà, lórí òòró, ìlọ́po méjì ààbọ̀. Fáṣúà nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé kò sí, ojú rẹ á rí i dáadáa tó o bá fi lẹ́ńsì kàwé, páálí ni ò lè gbà á torí ìmọ́lẹ̀ ò débẹ̀. Fọ́múlà méjèèjì á sì fún ẹ ní v = -15.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tíṣà yín ti nílò àtúnṣe wá rèé, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni jà. "Máínọ́ọ̀sì ni fáṣúà" jóòótọ́ nínú ìfẹnukò tilé ìwé yín, fún lẹ́ńsì àti fún díńgí. Nínú ti fídíò, ó bá lẹ́ńsì mu, kò bá díńgí mu. Mú díńgí oníkòtò, irú èyí tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n tó ń fẹ ojú, ká ní f rẹ̀ jẹ́ 15, ojú rẹ sì wà ní 10. Tilé ìwé yín: 1/v = 1/15 - 1/10 = -1/30, v jẹ́ -30. Ti fídíò, fọ́múlà díńgí ni 1/v + 1/u = 1/f, àmọ́ f jẹ́ -15, u jẹ́ -10, torí pé iwájú díńgí làwọn méjèèjì wà: 1/v = -1/15 + 1/10 = 1/30, v jẹ́ 30, pọ́lọ́ọ̀sì! Àwòrán kan náà ni o, ẹ̀yìn díńgí ní 30 sẹ̀ntímítà, ìlọ́po mẹ́ta, fáṣúà. Pọ́lọ́ọ̀sì yẹn kàn ń sọ pé ẹ̀yìn díńgí ló wà. Tó o bá wá kọ "ríà" torí pé o rí pọ́lọ́ọ̀sì, o ti pàdánù máàkì.

Fún ìdánwò, tilé ìwé yín ni kó o dì mú, kì í ṣe torí pé ó dára jù, torí òun ló ti mọ́ ẹ lọ́wọ́. Kọ fọ́múlà sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kó o tó fi nọ́ńbà sí i, kọ àmì u àti f tó o mọ̀. Èyí tó o ń wá, má fi àmì kankan sí i. Àwọn ọmọ kan máa ń rí i pé ìbéèrè sọ pé fáṣúà, wọ́n á sáré kọ 1/u - 1/v, wọ́n á wá tún fi v tó ti ní máínọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, àmì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí v fúnra rẹ̀ mú àmì rẹ̀ jáde. Kó o sì bi tíṣà yín léèrè bóyá ó ní èyí tó fẹ́ kẹ́ ẹ lò, torí òun ló ń máàkì tẹ́ẹ̀sì yín.

Ohun kan kù. Tí o ò bá rí lẹ́ńsì, tó o wá fẹ́ lo gíláàsì bàbá rẹ, tọrọ rẹ̀ kó o tó mú un, kó o sì béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Gíláàsì ìkàwé +2.50, f rẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ntímítà, ìyẹn 100 pín sí 2.5, àbẹ́là rẹ gbọ́dọ̀ jìnnà jù 40 lọ kí páálí tó lè rí nǹkan gbà. Tó bá jẹ́ -2.50 ni, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ni, f jẹ́ -40, gbé àbẹ́là sí 40, v á jẹ́ -20. O lè fi páálí wá a káàkiri pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, o ò ní rí i.