Èsì: Fífi Cycles ti Blender rẹ́ńdà àwòrán 3D lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára

"Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán yàrá kan ṣoṣo ń gba wákàtí méjì ní Cycles. Kọ̀ǹpútà mi ò lágbára. Kí ni kí n ṣe?"

Max Samples, ìyẹn iye ìgbà tó pọ̀ jù tí Cycles lè ṣírò ìmọ́lẹ̀ písẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. 4096 ni Blender fúnra rẹ̀ máa ń gbé síbẹ̀, ó sì pọ̀ jù fún yàrá. Ẹ sọ ọ́ di 128, ẹ gbé Noise Threshold láti 0.01 sí 0.1, kí ẹ sì tan Denoise, tó ń nu àmì tóótòòtó kúrò lára àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwòrán náà láti ìtòsí. Bí ojú kọ́tínì tàbí ìlà ara igi bá ń dán bí ẹni fi epo pa á, Denoise ti nu ohun tó yẹ kó kù nù nìyẹn. Ẹ gbé Max Samples sí 256, kí ẹ tún un wò.

Bí ẹ bá ṣì ń tún iná àti àga tò, ẹ fi Resolution sí 50%. 1920×1080 á di 960×540, ìdá kan nínú mẹ́rin písẹ̀lì ló kù, àsìkò á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ ṣe ní 100%.

Tó bá di àwòrán tó ń rìn, ẹ lè lo ìkànnì SheepIt, kò gba owó. Kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì ló máa bá yín ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí File > External Data > Pack Resources, kí àwọn àwòrán tí ẹ fi bo ògiri àti àga lè wà nínú fáìlì tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà kan, gbogbo ògiri mi padà wá ní àwọ̀ pínkì.