Títọrọ àyè lọ́wọ́ atọ́kùn ètò rédíò

"Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ṣe ìdíje ayò ọlọ́pọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé n'Íbàdàn. Mo kọ̀wé sí atọ́kùn ètò kan pé kó fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò lórí rédíò, kò fèsì. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé "ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Iṣẹ́ lẹ gbé fún un yẹn. Ẹni tó ń ṣe ètò àárọ̀ ti jí kí àkùkọ tó kọ, bó bá sì kúrò lórí afẹ́fẹ́, ìpàdé ló kàn. Àwọn tó máa ń tètè dá mi lóhùn làwọn tí mo dárúkọ àkókò fún. Ètò ni mo sì máa ń jẹ́ kó parí kí n tó kọ̀wé, torí tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn olùgbọ́ ló kún fóònù rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ tiyín:

"Ẹ káàsán mà. A máa ṣe ìdíje ayò fáwọn ọmọ iléèwé girama ní Sátidé tó ń bọ̀ lọ́nà kejì, mo sì rí i pé ó bá abala àṣà yín mu. Olùkọ́ kan àti ọmọ kan tó mọ ayò ta dáadáa ni màá mú wá. Ìṣẹ́jú 20 la fẹ́ fi gbohùn sílẹ̀. Ṣé ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárín aago 11 sí 12 ni, àbí Ọjọ́rú láàárín aago 2 sí 3? Ó máa wúlò fún wa tó bá jáde kó tó di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje."

Ìṣẹ́jú 20 yẹn ò pọ̀ jù. Tí wọ́n bá yọ ìdánwò ohùn àti àṣìsọ kúrò, bí ìṣẹ́jú 8 tàbí 10 ló máa kù. Mo fẹ́ràn kí wọ́n gbohùn sílẹ̀ ju kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀ lọ. Mo ti mú bàbá àgbàlagbà kan lọ sí iléeṣẹ́ kan rí, a jókòó títí, ọ̀rọ̀ ìjọba kan ló gba gbogbo àkókò wa.

Ẹ gbé ọpọ́n lọ o. Ìró ọmọ ayò dùn létí, ṣùgbọ́n ọmọ 48 nínú igi máa ń bo ohùn èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ ọpọ́n, kẹ́ ẹ sún un jìnnà díẹ̀ sí gbohùngbohùn, kí wọ́n kọ́kọ́ ta ayò fún ìṣẹ́jú kan láìsọ̀rọ̀. Wọ́n lè lo ìró yẹn láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò.

Ẹ má fi orúkọ onígbọ̀wọ́ sínú ìwé náà. Bí wọ́n bá ti rí i, ẹ̀ka ìpolówó ọjà ni wọ́n máa darí yín sí, owó nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ẹ kúkú béèrè iye tí wọ́n ń gbà.

Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi àkókò tuntun sí i, torí ti àkọ́kọ́ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.