"Tàbí" ti ẹnu wa àti "tàbí" ti inú géètì

*Ẹ káàsán sà. Iṣẹ́ iná ni mò ń kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bí wọ́n bá bi mí nílé pé ṣé iyán ni tàbí ọ̀kà, ọ̀kan ni màá mú. Kí ló dé tí géètì "tàbí" fi ń gbé 1 jáde nígbà tí A àti B bá jọ jẹ́ 1? Àwòrán tí wọ́n fún wa rèé: A àti B wọ géètì "tàbí", wọ́n tún wọ géètì "àti" tó ní róbótó kékeré lẹ́nu, ohun tó jáde lára méjèèjì wá wọ géètì "àti" kan. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì dín in kù?*

Àbúrò, "tàbí" méjì ló wà lẹ́nu wa, orúkọ kan náà la fi ń pè wọ́n. Ti iyán àti ọ̀kà, ọ̀kan ni wọ́n ní kí o mú. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí: "Ẹni tó bá ní ìwé ìbí tàbí káàdì ìdìbò lè wọlé." Bí ẹnì kan bá kó méjèèjì wá, ṣé wọn yóò lé e padà? Rárá o. "Tàbí" ti ẹnu ọ̀nà yìí ni géètì, ẹ̀yà iná tó ń gba 1 tàbí 0 wọlé tó sì ń gbé ọ̀kan nínú wọn jáde, ń lò: ó kéré tán, kí ọ̀kan wà. Ohun tó o bi mi yìí ti da àwọn àgbà ìmọ̀ náà rú rí. George Boole, tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1854, kì í fi àmì + so ohun méjì pọ̀ àfi bí kò bá sí ohunkóhun tó jọ wà nínú méjèèjì. William Stanley Jevons ló wá sọ pé kí a gba méjèèjì láàyè.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwòrán tí wọ́n fún yín, "tàbí" ti iyán àti ọ̀kà gan-an ló fẹ́ kọ́. Jẹ́ ká tú u wò.

Apá òsì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má ṣe fojú sí géètì ìkẹyìn kí o tó kọ orúkọ sára wáyà kọ̀ọ̀kan tó jáde lára géètì. Róbótó yẹn ń yí èsì padà ni: 1 di 0, 0 di 1. A ó fi àmì ' dúró fún un, a ó fi + dúró fún "tàbí", a ó sì kọ lẹ́tà mọ́ra wọn fún "àti".

```
P = A + B
Q = (AB)'
X = (A + B)(AB)'
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni `(AB)'`. Wọ́n á kàn já àmì náà sí méjì, wọ́n á kọ `A'B'`. Gbé e wá sínú ọ̀rọ̀ ara wa. Bí mo bá ní irọ́ ni pé Ayọ̀ àti Bọ́lá jọ wá, ṣé mo sọ pé kò sẹ́ni tó wá nínú wọn? Rárá. Ohun tí mo sọ ni pé Ayọ̀ kò wá tàbí Bọ́lá kò wá. Ìyẹn ni òfin De Morgan: bí o bá já àmì yíyí náà, "àti" tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ di "tàbí". Lẹ́yìn èyí, ìsọdipúpọ̀ lásán ló kù:

```
X = (A + B)(A' + B')
  = AA' + AB' + A'B + BB'
  = AB' + A'B
```

`AA'` pòórá nítorí pé wáyà kan kò lè jẹ́ 1 kó tún jẹ́ 0 lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni `BB'`. Kà á bí ọ̀rọ̀: A wà, B kò sí; tàbí B wà, A kò sí. Iná àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Súwíìṣì kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè. Tẹ ti ìsàlẹ̀, iná tàn. Gòkè lọ tẹ ti òkè, iná kú, nítorí pé méjèèjì ti jọ yí.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìlà tó kúrú jù lọ lójú ìwé kọ́ ló ń gba géètì tó kéré jù lọ. Géètì mẹ́ta ni àwòrán yín ní. Bí o bá fi géètì "àti", "tàbí" àti èyí tó ń yí nìkan kọ́ `AB' + A'B`, márùn-ún ni wàá rà: méjì fún yíyí, méjì fún "àti", ọ̀kan fún "tàbí". Torí náà, tú u bí ìbéèrè bá ní kí o tú u; bí o bá fẹ́ kọ́ ọ lórí bọ́ọ̀dù, fi àwòrán náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lẹ́yìn tí o bá parí, fi ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dán an wò: 00, 01, 10, 11. Èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, 1, 1, 0. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 0, `A'B'` lo kọ síbẹ̀. Bí ìlà 11 nìkan bá fún ọ ní 1, róbótó lo gbàgbé.